Bí a ṣe ń gbé ọkọ̀ ojú omi kúrò láyè rẹ̀ nínú fọ́tò, tí omi ibẹ̀ á fi padà bò láìsí àpá

Ẹni tó bá fẹ́ gbé nǹkan láti apá kan fọ́tò lọ sí apá kejì sábà máa ń fi gbogbo sùúrù rẹ̀ gé nǹkan ọ̀hún. Á gé e yípo létí létí, á gbé e lọ síbi tó wù ú, á sì rò pé iṣẹ́ ti parí. Ìgbà tó bá yíjú padà síbi tí nǹkan náà ti kúrò ló tó máa rí ihò tó ṣẹ́ kù, á wá fi ohunkóhun tó bá wà nítòsí dí i. Ihò yẹn ló ń tú àṣírí. Kò sẹ́ni tó máa fura sí ọkọ̀ tó léfòó síbi tó yẹ kí ọkọ̀ léfòó sí, ṣùgbọ́n gbogbo ojú ló mọ omi, bí àbùlẹ̀ bá sì wà lára omi, ojú á ti dúró síbẹ̀ kí ẹni tó ń wò ó tó mọ ohun tó dá òun dúró.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an nìyẹn nígbà tí Àlàájà kan tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo, níbí ní Èpé, gbé fọ́tò ọ̀sà wá bá mi. Ọkọ̀ kan wà lápá ọ̀tún, atukọ̀ dúró sínú rẹ̀, igbó òdìkejì ọ̀sà sì nà lọ lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, bá mi ti ọkọ̀ yìí lọ sápá òsì, ibi tó wà yẹn ni mo fẹ́ kọ orúkọ ọjà mi sí.” Mo dáhùn pé, “Ó dáa, Àlàájà, ẹ jẹ́ kí n wò ó.” Mo gbé ọkọ̀ náà, mo bu omi láti ìsàlẹ̀ fọ́tò, mo fi dí ihò. Lójú fóònù, ó dára. Nígbà tí wọ́n gbé bánà náà kọ́ ní ìsọ̀, ọmọ kékeré kan tó wà níbẹ̀ béèrè pé kí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ omi. Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tí mo gbà tún un ṣe sì ni mo fẹ́ tò síbí. GIMP 2.10, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, ni mo lò, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Orúkọ tí ẹ máa rí lójú kọ̀ǹpútà ni mo kọ sílẹ̀ bó ṣe wà níbẹ̀.

Ohun tí ẹ nílò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ nílò kọ̀ǹpútà tí GIMP wà lórí rẹ̀, máósì tó ṣeé dì mú (nítorí pé ọwọ́ kì í dúró dáadáa lórí pátákó tí a fi ìka pa lójú kọ̀ǹpútà alágbèéká), àti nǹkan bíi wákàtí méjì tí kò sẹ́ni tó máa yọ yín lẹ́nu.

Ẹ nílò fọ́tò náà bó ṣe jáde láti inú kámẹ́rà. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán lórí Wasáàpù ti fún pọ̀, ìrùmì kéékèèké ojú omi á sì ti di gírígírí. Bí ó bá jẹ́ Wasáàpù nìkan ni ọ̀nà, ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ `Document`, kì í ṣe nípasẹ̀ àwòrán. Fọ́tò Àlàájà fẹ̀ tó 4000 píkísẹ́lì, ìyẹn àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí a fi to fọ́tò, ó sì ga tó 3000.

Ẹ sì nílò omi tó tó. Kí ẹ tó gba iṣẹ́ náà, ẹ wò ó bóyá omi tó mọ́, tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, wà nínú fọ́tò náà tó fẹ̀ tó ihò tí ọkọ̀ máa fi sílẹ̀, ó kéré tán. Bí ọkọ̀ bá gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin fọ́tò, kò sí ibi tí ẹ ti máa bu omi tí ẹ máa fi dí i. Ó sàn kí ẹ sọ fún oníbàárà kí ó lọ ya fọ́tò mìíràn.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí mi ò gbọ́dọ̀ fò. Fọ́tò ìpolówó la ń sọ. Fọ́tò ìròyìn, fọ́tò tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí kóòtù tàbí tí wọ́n fẹ́ fi yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, a kì í gbé ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Ní 1982, ìwé ìròyìn National Geographic fa àwọn píràmíìdì Gísà súnmọ́ra nínú fọ́tò kan kí wọ́n lè gba ojú ìwé, wọ́n sì ń fi ọ̀rọ̀ náà gún wọn lára títí di òní.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ wọn ibi tí ọkọ̀ ń lọ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ ṣí fọ́tò náà, kí ẹ wá ìlà tí omi ti pàdé igbó òdìkejì. Bí ẹ bá gbé ìtọ́ka máósì síbẹ̀, nọ́ńbà méjì máa hàn ní ìsàlẹ̀ ojú fèrèsé lápá òsì. Èyí èkejì ni ó ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí orí fọ́tò. Nínú fọ́tò Àlàájà, ìlà etí igbó wà ní 900. Ẹ lọ sí `Image > Guides > New Guide...`, ẹ mú `Horizontal`, kí ẹ kọ 900 sí i. Ìlà kan á nà kọjá lójú fọ́tò. Kò ní hàn nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jáde.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ibi tí ara ọkọ̀ ti kan omi. Tiwa wà ní 1300, ìyẹn 400 píkísẹ́lì sí ìsàlẹ̀ etí igbó. Nọ́ńbà 400 yìí ni gbogbo iṣẹ́ dúró lé. Lórí omi tó tẹ́jú, bí nǹkan bá ṣe ń jìnnà sí ẹni tó ń ya fọ́tò, bẹ́ẹ̀ ni ó ń gòkè súnmọ́ etí igbó, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì ń kéré, ìwọ̀n kan náà ni méjèèjì sì ń gbà. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ọkọ̀ lọ sápá òsì lásán láìgbé e sókè, kò sí ohun tó yí padà nínú ìtóbi rẹ̀. Ṣùgbọ́n Àlàájà fẹ́ kí ó jìnnà díẹ̀ sí i, kí ibi ìkọ̀wé lè gbòòrò. Mo pinnu láti gbé e sókè kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà ní 1200, ìyẹn 300 sí ìsàlẹ̀ etí igbó. Ẹ fi 400 pín 300, ẹ máa rí ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọkọ̀ tó fẹ̀ tó 1100 tẹ́lẹ̀ máa wá fẹ̀ tó 825. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: wọ́n á gbé ọkọ̀ sókè láìdín in kù. Ọkọ̀ náà á wá dà bí ọkọ̀ òmìrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbó. Àwọn mìíràn á yí ojú ọkọ̀ padà kí ó lè kọjú sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń bọ̀ láti ọ̀tún á wá máa tàn sí atukọ̀ láti òsì, nígbà tí ti igbó ṣì ń ti ọ̀tún bọ̀. Ẹ má yí i. Ẹ sì tún wo ojú omi: bí oòrùn bá ń kọ mànà ní apá kan, ẹ má gbé ọkọ̀ sínú ìkọmànà náà, nítorí pé ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ yẹ kó dúdú ju tiyín lọ.

Àyẹ̀wò: ẹ wo ibi tí etí igbó ti gé ara atukọ̀. Tiwa gé e ní ọrùn. Bí ẹ bá gbé e tán, ọrùn náà ni ó ṣì gbọ́dọ̀ gé. Ẹ kọ èyí náà sórí bébà, a máa padà sí i.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ gé ọkọ̀ náà pẹ̀lú omi yíká rẹ̀

Ẹ tẹ `Layer > Duplicate Layer` kí ojúlówó fọ́tò lè wà nísàlẹ̀ láìfọwọ́kàn. Ìpele ni mo ń pe ohun tí kọ̀ǹpútà ń pè ní `Layer`: ẹ rò ó bí ọ̀rá tó mọ́ gaara tí a tẹ́ lé orí ara wọn, tí ohun tó wà lórí èyí tó wà lókè ń bo ti ìsàlẹ̀.

Ẹ mú `Free Select` (bọ́tìnnì F), kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́ yípo ọkọ̀, títí tí ẹ óò fi padà dé ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì tẹ Enter. Ẹ má ṣe gé e mọ́ ara igi ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí omi bíi 60 píkísẹ́lì yí i ká. Ìdí rẹ̀ ni pé ó rọrùn láti so omi pọ̀ mọ́ omi ju kí ẹ so igi pọ̀ mọ́ omi lọ. Etí ọkọ̀ níbi tó ti kan omi ní òjìji tín-ín-rín àti ìtànṣán kéékèèké tí kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ yà padà. Ibì kan ṣoṣo tí mo ti ń gé súnmọ́ ara ni orí atukọ̀, nítorí pé igbó ló wà lẹ́yìn rẹ̀, igbó tó wà níbi tuntun kò sì ní jọ ọ́.

Àwòjìji ọkọ̀ nínú omi gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tí ẹ gé, gbogbo rẹ̀. Ó máa ń gùn ju bí ẹ ṣe rò lọ: níbi tí omi bá ń mì díẹ̀, àwòjìji á ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, á sì nà sísàlẹ̀. Tiwa bẹ̀rẹ̀ láti 1300, ó sì dé nǹkan bíi 1750. Bí ọkọ̀ náà bá ń rìn nígbà tí wọ́n yà á, ìrùmì tó ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ jáde náà jẹ́ tirẹ̀. Mo ti rí fọ́tò tí wọ́n gbé ọkọ̀ kúrò tí ìrùmì rẹ̀ ṣì ń là ojú omi lọ, tí kò sí ọkọ̀ kankan níwájú rẹ̀.

Ẹ tẹ Ctrl+C, lẹ́yìn náà `Edit > Paste as > New Layer`. Ẹ sọ ìpele tuntun náà ní “ọkọ̀”. Ẹ tẹ `Select > None`, kí ẹ sì tẹ àmì ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpele ọkọ̀ kí ó lè pamọ́ fúngbà díẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ pa gbogbo ìpele yòókù mọ́, kí ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ nìkan hàn. Bí ìka atukọ̀, ẹnu àjẹ̀ tàbí ìdí àwòjìji bá gé, ẹ pa ìpele náà rẹ́, kí ẹ tún un gé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá pa á mọ́, kí ẹ sì ṣí àwọn yòókù padà.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ dí ihò náà

Níbí ni iṣẹ́ wà. Ọkọ̀ àtijọ́ ṣì wà lójú fọ́tò, láti nǹkan bíi 2440 dé 3660 ní fífẹ̀ pẹ̀lú omi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a sì fẹ́ fi omi bò ó.

Ẹ tẹ `Layer > New Layer...`, ẹ yan `Transparency` níwájú `Fill with`, kí ẹ sì sọ ọ́ ní “omi”. Kí ó wà lókè ẹ̀dà fọ́tò, kí ó sì wà nísàlẹ̀ ọkọ̀. Ẹ mú ìrinṣẹ́ `Clone` (bọ́tìnnì C). Nínú ìtò rẹ̀, ẹ fi àmì sí `Sample merged`, ẹ yan `Aligned` níwájú `Alignment`, ẹ jẹ́ kí `Hardness` wà ní 50, kí `Size` sì wà ní nǹkan bíi 150. Bí irinṣẹ́ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ẹ máa di Ctrl mú, ẹ máa tẹ ibi tí ẹ fẹ́ bù. Ẹ máa fi Ctrl sílẹ̀, ẹ máa wá kùn ún síbi tí ẹ fẹ́ dí. Àlàfo tó wà láàárín ibi tí ẹ tẹ̀ àti ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn kò ní yí padà títí tí ẹ óò fi tún Ctrl tẹ̀.

Òfin tí mo fi ń ṣe é nìyí: ọ̀tún tàbí òsì nìkan ni kí ẹ ti bu omi, ẹ má bù ú láti òkè tàbí láti ìsàlẹ̀. Omi tó wà ní 1000 àti omi tó wà ní 1700 kì í ṣe omi kan náà lójú fọ́tò. Èyí tó súnmọ́ igbó jìnnà sí wa, ìrùmì rẹ̀ tẹ́ pẹlẹbẹ, ó sì tò jọ bí okùn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ súnmọ́ wa, ìrùmì rẹ̀ tóbi, ojú sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo ṣe nígbà àkọ́kọ́ ni pé mo bu ti ìsàlẹ̀, mo fi dí ti òkè. Ìyẹn ni ọmọdé yẹn rí tó fi rò pé wọ́n lẹ nǹkan mọ́ omi. Nítorí náà, bí ẹ bá Ctrl tẹ̀ ní gíga 1100, ní gíga 1100 gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Nọ́ńbà kejì ní ìsàlẹ̀ fèrèsé ni ẹ máa fi mọ̀. Àṣìṣe 5 píkísẹ́lì kò ní hàn nísàlẹ̀ fọ́tò, ṣùgbọ́n lẹ́bàá etí igbó, ó máa hàn bí àtẹ̀gùn.

Ibi tí a ti máa bu omi náà ni ẹ̀kọ́ kejì tí mo kọ́. Bí ẹ bá bù ú láti ibi tí yóò ṣì hàn gbangba, omi kan náà á wà nínú fọ́tò lẹ́ẹ̀mejì, ìbejì omi sì máa ń pe ojú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń bọ̀ wá bo apá kan ní òsì. Omi tí ọkọ̀ máa bò ni kí ẹ kọ́kọ́ bù, nítorí pé bí ọkọ̀ bá ti gorí rẹ̀, kò ní sí ìbejì mọ́. Ọkọ̀ wa máa jókòó sí láti 500 dé 1325. Mo Ctrl tẹ̀ ní 440, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ní 2440, àlàfo 2000 gẹ́lẹ́. Gbogbo ihò náà wá kún láti omi tó wà láàárín 440 àti 1660. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí ọkọ̀ ń lọ kí a tó dí ibi tó ti ń bọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe etí igbó, níbi tí orí atukọ̀ wà. Ẹ dín `Size` kù sí 40, ẹ gbé `Hardness` sókè sí 75, kí ẹ rí i pé ìlà tí omi ti pàdé igbó kò fọ́. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀pẹ tàbí igi tó dá yàtọ̀: ọ̀pẹ kan tó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bákan náà ní ibi méjì ni ẹnikẹ́ni máa kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti igbó wá sísàlẹ̀, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tó ń tóbi sí i bí ìrùmì ṣe ń tóbi. Kùn ún ní ọwọ́ kúkúrú kúkúrú láti òsì sí ọ̀tún, bí omi ṣe tẹ́.

Nígbà tí ihò bá ti kún, apá kan ṣì wà tí ọkọ̀ kò ní bò: omi tó wà láti 1325 dé 1660, tí a ti bù lọ sí 3325 dé 3660, àti omi tó wà nísàlẹ̀ àwòjìji tuntun. Ẹ padà sórí ibẹ̀, ẹ Ctrl tẹ̀ ní ibòmíràn, bíi láàárín 1700 sí 2300 tàbí ní ọ̀tún pátápátá lẹ́yìn 3660, kí ẹ kan díẹ̀díẹ̀ sí i lára kí ìbejì náà lè tú ká. Gíga kan náà ni kí ẹ ṣì dì mú. Bí ojú-oró bá léfòó níbì kan nínú fọ́tò yín, ìdì kékeré kan tí ẹ bá gbé sórí oríkèé tó le, níbi tí omi tuntun ti pàdé omi àtijọ́, máa ń bo àṣìṣe dáadáa, ṣùgbọ́n ẹyọ kan péré ni o, kí ó sì wà ní ìlà gíga tó ti wá.

Ní báyìí, ó ṣeé ṣe kí omi tí ẹ bù mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju ti àyíká rẹ̀ lọ, tàbí kí ó ṣú jù ú lọ, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kì í dọ́gba láti òsì dé ọ̀tún. `Heal` (bọ́tìnnì H) ló ń tún èyí ṣe: ó ń bu ìrùmì láti ibi tí ẹ Ctrl tẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fi àwọ̀ ibi tí ẹ ń kùn kùn ún. Kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ìpele tó ṣófo, nítorí náà, ẹ rí i pé ọkọ̀ ṣì pamọ́, ẹ tẹ `Layer > New from Visible`, kí ẹ sì lo `Heal` lórí ìpele tuntun tó jáde, ní ojú oríkèé nìkan. Ẹ má gbé e súnmọ́ etí igbó ju 40 píkísẹ́lì lọ. Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, á fa dúdú igbó wọnú omi, èérí kan tó dà bí epo á sì wà níbẹ̀. Bí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀, Ctrl+Z, kí ẹ fi `Clone` ṣe ibẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ tẹ `New from Visible` lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ lọ sí `Colors > Curves...`, kí ẹ fa ìlà náà títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gangan, débi pé fọ́tò á burú lójú, funfun á le, dúdú á le. Ohun tó pamọ́ á yọjú: àbùlẹ̀ tó mọ́lẹ̀ jù, etí búrọ́ọ̀ṣì tó rí roboto, ìbejì ìrùmì. Ẹ sàmì sí ibi tí wọ́n wà sórí bébà, ẹ pa ìpele àyẹ̀wò yìí rẹ́, kí ẹ lọ tún wọn ṣe. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo ṣe èyí fún fọ́tò Àlàájà kí ọkàn mi tó balẹ̀. Ẹ má fi ọkọ̀ sílẹ̀ níbi tuntun títí tí omi yóò fi dà bíi pé ọkọ̀ kankan kò gba ibẹ̀ kọjá rí.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ gbé ọkọ̀ jókòó

Ẹ fa ìpele ọkọ̀ lọ sókè pátápátá nínú ìtò ìpele, kí ẹ sì ṣí i padà. Ẹ tẹ `Layer > Scale Layer...`, ẹ yí òṣùwọ̀n sí `percent`, ẹ kọ 75, kí àmì ṣéènì tó wà láàárín nọ́ńbà méjèèjì sì so pọ̀ kí gíga àti fífẹ̀ lè jọ dín kù. Ẹ mú `Move` (bọ́tìnnì M), ẹ yan `Move the active layer`, kí ẹ gbé e títí tí ìdí ọkọ̀ fi kan 1200. Ẹ wo bébà tí ẹ kọ: ṣé etí igbó gé atukọ̀ ní ọrùn? Bí ó bá gé e ní àyà, ẹ ti gbé ọkọ̀ sókè jù nìyẹn, tàbí ẹ kò dín in kù tó.

Ẹ máa rí omi tó yí ọkọ̀ ká bí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí omi tuntun. Ẹ má tíì nù ún. Omi yẹn ni òṣùwọ̀n yín, nítorí pé ó ń sọ fún yín bí àwọ̀ ọkọ̀ ṣe yàtọ̀ sí ibi tó dé. Omi tó jìnnà máa ń mọ́lẹ̀ ju èyí tó súnmọ́ lọ, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run ló ń tàn padà jù níbẹ̀. Nítorí náà, omi tó yí ọkọ̀ wa ká ṣú díẹ̀. Mo ṣí `Colors > Curves...` lórí ìpele ọkọ̀, mo gbé àárín ìlà náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí omi méjèèjì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ọkọ̀ àti atukọ̀ jọ gòkè pẹ̀lú rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìrùmì inú rẹ̀ náà ti dín kù sí ìdá 75, ìyẹn sì ni ó fi bá ti ibi tuntun mu.

Nísinsìnyí, ẹ tẹ `Layer > Mask > Add Layer Mask...`, kí ẹ yan `White (full opacity)`. Lórí ìbòjú yìí, dúdú ń fi nǹkan pamọ́, funfun ń dá a padà, kò sì sí ohun tó ń sọnù. Ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì dúdú tí `Hardness` rẹ̀ wà láàárín 0 sí 25, kí ẹ kùn láti òde wọlé sẹ́bàá ọkọ̀, kí ẹ dúró kí ẹ tó dé ara igi. Ní orí atukọ̀, ẹ dín búrọ́ọ̀ṣì kù sí 15, kí ẹ gbé `Hardness` sí 75, kí ẹ nu igbó àtijọ́ kúrò yí irun rẹ̀ ká. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni ìdí àwòjìji: wọ́n á nù ún gan-an, ọkọ̀ á sì dà bí èyí tó ń fò. Ẹ jẹ́ kí àwọn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ àwòjìji wà, kí wọ́n máa ṣá lọ díẹ̀díẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ tẹ 1 kí fọ́tò lè hàn ní ìtóbi rẹ̀ gan-an, kí ẹ rìn yí etí ọkọ̀ ká pẹ̀lú ojú yín. Lẹ́yìn èyí, ẹ tẹ Shift+Ctrl+J kí gbogbo fọ́tò lè hàn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wo ibòmíràn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tún padà wò ó. Ibi tí ojú yín bá kọ́kọ́ bà sí, tí kì í ṣe ara ọkọ̀, ni iṣẹ́ kù sí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ fi pamọ́, kí ẹ dán an wò lórí bébà

`File > Save` máa fi gbogbo ìpele pamọ́ bíi `.xcf`. Ẹ má pa á rẹ́, oníbàárà lè ní kí ọkọ̀ tún sún díẹ̀. `File > Export As...` ni ẹ máa fi ṣe `.jpg` tí ẹ óò gbé lọ síbi ìtẹ̀wé, pẹ̀lú `Quality` ní 95.

Bánà Àlàájà fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 8, ó sì ga ní 6. Bí 4000 píkísẹ́lì bá nà lórí ínṣì 96, nǹkan bí 42 ló máa bọ́ sórí ínṣì kan. Èyí tó fún ohun tí èèyàn máa wò láti òdìkejì títì, ṣùgbọ́n ojú fóònù kò lè fi hàn yín bí oríkèé ṣe máa rí ní ìtóbi yẹn. Nítorí náà, nínú ẹ̀dà fọ́tò tó ti parí, ẹ gé ibì kan tó fẹ̀ tó 490 píkísẹ́lì, níbi tí omi tuntun ti pàdé omi àtijọ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà A4 tó dùbúlẹ̀, kí ó kún un. Bó ṣe rí lórí bébà yẹn gẹ́lẹ́ ni ó ṣe máa rí lórí bánà. Mo tẹ ti 2440, níbi tí ẹnu ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, mo sì sún sẹ́yìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ìrùmì kan ṣì gé lójijì níbẹ̀, bí i pé ọ̀bẹ kàn án. Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo fi `Clone` fà á gùn láti òsì ní gíga rẹ̀, mo tún tẹ bébà mìíràn, ìgbà yẹn ni mo tó gbé iṣẹ́ náà lọ fún Àlàájà.